Bí a ṣe ń kọ owó olùdókòwò tó fẹ́ gba ìdarí ilé-iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni

Owó dé, ó pọ̀, ẹni tó fẹ́ gbé e sílẹ̀ kì í sì í ṣe èèyàn burúkú. Àmọ́ ìwé tó bá owó náà wá sọ pé òun ni yóò máa buwọ́ lu ṣẹ́ẹ̀kì, òun ni yóò yan àwọn dárẹ́kítọ̀, ẹ ò sì gbọdọ̀ gba òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo láìjẹ́ pé ẹ bi í. Ẹ ti mọ̀ lọ́kàn yín pé ẹ ò fẹ́. Síbẹ̀ oṣù mẹ́ta ti kọjá, "A ṣì ń gbé e yẹ̀ wò, sà" lẹ ṣì ń sọ. Nígbà tó bá yá, yóò gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì pé ẹ ò ṣe mọ́, ìjà yóò sì dé. Tàbí kí ojú tì yín débi pé ẹ ó fọwọ́ sí i.

Iṣẹ́ ìṣírò owó ni mò ń ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké ní Ìbàdàn, mo sì ti rí ọ̀nà méjèèjì tí ọ̀rọ̀ yìí máa ń gbà bàjẹ́. Ìlànà tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí, mo bá oníbàárà mi kan rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ìpékeré ló ń dín tó ń dì sínú ọ̀rá fún àwọn ilé ìtajà. Màmá Ìbejì ni mo máa pè é níbí. Ẹni tó fẹ́ dókòwò jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀, kọngílá tó ti fẹ̀yìn tì; Alàgbà ni gbogbo wa ń pè é.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ wá ìwé àbá àdéhùn náà, gbogbo ojú ewé rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹnu ló fi sọ ọ́, ẹ kọ ohun tó sọ sílẹ̀, kí ẹ kọ ọjọ́ tó sọ ọ́ sí i. Ẹ wá ìwé òfin abẹ́lé ilé-iṣẹ́ yín, àti ìwé CAC tó fi ẹni tó ní ṣíà hàn àti iye tí kálukú ní. Ẹ gba sitéétímẹ́ǹtì báńkì oṣù mẹ́ta. Ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ti fún olùdókòwò náà sílẹ̀: ìwé ìṣirò, orúkọ oníbàárà, ọ̀nà ìwọlé sí ohunkóhun. Lẹ́yìn náà, ẹ wá lọ́yà kan tó lè fún yín ní wákàtí kan. Bí ẹ bá ti buwọ́ lu ohunkóhun, kékeré tàbí ńlá, ti lọ́yà yìí kúrò ní ohun tí ẹ lè fò.

Ìpele kìíní: Ẹ wá ibi tí ìdarí fara pamọ́ sí nínú ìwé náà

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà jù, nítorí ojú wọn kì í kúrò lára iye ṣíà. Alàgbà fẹ́ fi mílíọ̀nù 20 náírà gba ìdá 30 nínú 100. Màmá Ìbejì gbé ìwé náà wá bá mi, ohun tó sì ń bi mí ni pé, "Ṣé kí n bẹ̀ ẹ́ kó gba 20?" Mo ní kó gbàgbé 20 ná. Ká ní Alàgbà gba 10 pàápàá, ilé-iṣẹ́ náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé ibòmíràn ni ìdarí wà.

Ibi mẹ́ta ni ìdarí máa ń wà. Àkọ́kọ́ ni ìbò àwọn onípìn-ín. Lábẹ́ òfin ilé-iṣẹ́ Nàìjíríà ti ọdún 2020, CAMA, ẹni tó bá ní ju ìdajì ìbò lọ ló ń mú ìpinnu lásán ṣẹ. Ìpinnu pàtàkì, irú bíi yíyí orúkọ ilé-iṣẹ́ tàbí òfin abẹ́lé rẹ̀ padà, ń fẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìbò tí wọ́n dì. Ìyẹn ni pé ẹni tí ìpín rẹ̀ bá lé ní 25 nínú 100 lè dènà ìpinnu pàtàkì ní òun nìkan. Pẹ̀lú ìdá 30, Alàgbà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Mo sọ fún Màmá Ìbejì pé èyí kò tó ohun à ń sunkún sí. Ìgbà wo ló fẹ́ yí orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ padà?

Ibi kejì ni ìgbìmọ̀ àwọn dárẹ́kítọ̀. Ìwé náà sọ pé dárẹ́kítọ̀ yóò jẹ́ mẹ́ta, Alàgbà yóò sì yan méjì nínú wọn. Ìbò ni ìgbìmọ̀ fi ń pinnu, ẹni tó bá ní méjì nínú mẹ́ta ló ni ìpàdé náà. Òótọ́ ni pé òfin gba onípìn-ín tó ní ìdajì ìbò ó lé láyè láti yọ dárẹ́kítọ̀ pẹ̀lú ìpinnu lásán, ìdá 70 sì wà lọ́wọ́ Màmá Ìbejì. Àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ojú ewé kẹfà, ní lẹ́tà wínníwínní: bó bá yọ ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjì yẹn, gbogbo mílíọ̀nù 20 náà di gbèsè tó gbọdọ̀ san láàárín ọjọ́ 14. Agbára tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lórí ìwé kò ṣeé lò.

Ibi kẹta ni àyè ìbuwọ́lù, ibẹ̀ ni wàhálà tòótọ́ wà. Owó èyíkéyìí tó bá ju 200,000 náírà lọ kò gbọdọ̀ jáde ní àkáǹtì láìsí ìbuwọ́lù Alàgbà. Ó dà bí ààbò tó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni Màmá Ìbejì ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ìrà kan sì máa ń tó 350,000. Ìdájí ni ọkọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń dé. Ẹni tó bá sanwó lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń já a fún. Dúdú ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn gbọdọ̀ wà kó tó ṣeé dín. Bí Alàgbà bá rin ìrìn àjò, tàbí tó gbàgbé fóònù rẹ̀ sílé, nígbà tó bá fi buwọ́ lù ú, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù lọ́jà ti ń pọ́n. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, dòdò ni. Kì í ṣe ọjà tirẹ̀.

Nítorí náà, ẹ mú sitéétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta yẹn jáde. Ẹ fi bírò pupa sàmì sí gbogbo owó tí ìwé àbá náà kò ní jẹ́ kí ẹ san láìbéèrè. Nínú owó 61 tí Màmá Ìbejì san lóṣù mẹ́ta, 44 ló gba àmì pupa. Kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

*Ìkìlọ̀:* Ẹ má ka gbogbo àṣẹ sí àṣẹjù. Ẹni tó fẹ́ gbé mílíọ̀nù 20 sílẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti rí ìwé ìṣirò lóṣooṣù, ó sì ní ẹ̀tọ́ kí ẹ bi òun kí ẹ tó ta ilé-iṣẹ́ tàbí kí ẹ tó fi ilé-iṣẹ́ dúró fún ẹ̀yáwó ńlá. Bó bá jẹ́ irú èyí nìkan ló wà níbẹ̀, bóyá ẹ̀yin gan-an lẹ kò tíì fẹ́ alábàáṣe, ẹ má dá a lẹ́bi.

*Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ìpele yìí parí:* Ẹ lè parí gbólóhùn yìí láìwo ìwé: "Bí mo bá gba owó yìí, n kò ní lè … láìbi í." Bí ohun tí ẹ fi dí àlàfo náà bá jẹ́ ohun tí ẹ ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdarí náà ti pọ̀ jù.

Ìpele kejì: Ẹ bi í lẹ́ẹ̀kan péré bóyá yóò yí i padà

Kíkọ̀ àti ṣíṣe dúnàádúrà kì í ṣe nǹkan kan náà, ẹni tó bá ń ṣe méjèèjì pọ̀ ni kì í rí ìkankan parí. Ẹ yan ohun méjì tàbí mẹ́ta tí ẹ ò ní tà bó ti wù kí owó pọ̀ tó. Màmá Ìbejì yan méjì: kí dárẹ́kítọ̀ tó pọ̀ jù jẹ́ tòun, kí owó ọjà ojoojúmọ́ má sì gba ìbuwọ́lù ẹlòmíì. Ẹ béèrè ní gbólóhùn kan, kí ẹ fi ọjọ́ sí i: "Sà, bí a bá yọ ẹsẹ̀ kẹrin àti ẹsẹ̀ keje kúrò, ṣé ẹ ṣì máa fẹ́ bá wa ṣe é? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká gbọ́ kó tó di ọjọ́ Jímọ̀."

Alàgbà dáhùn pé òun lè gbé 200,000 lọ sí 250,000. Ìdáhùn tó yẹ kí ẹ máa retí nìyẹn. Ọwọ́ ti sún, àmọ́ ọ̀rọ̀ kò kúrò lójú kan, nítorí ọ̀gẹ̀dẹ̀ 350,000 ni.

*Ìkìlọ̀:* Ẹ má bi í lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì ló ń sọ fún un pé ẹ nílò owó náà ju bí ẹ ti ń ṣe lọ.

*Àyẹ̀wò:* Ọjọ́ tí ẹ dá ti pé, ẹsẹ̀ tí ẹ tọ́ka sí sì ṣì wà níbẹ̀, yálà ó dáhùn tàbí kò dáhùn. Kíkọ̀ ló kù.

Ìpele kẹta: Ẹ wò ó bóyá ọwọ́ yín ṣì mọ́

Kí ẹ tó la ẹnu sọ pé ẹ ò ṣe, ẹ rí i pé ẹ ò tíì ṣe é láìmọ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Ìbuwọ́lù ni àkọ́kọ́. Ìwé àbá àdéhùn sábà máa ń sọ pé òun kò tíì de ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n nínú ìwé kan náà, ẹsẹ̀ méjì máa ń deni láti ọjọ́ tí a bá ti buwọ́ lù ú: ẹsẹ̀ tó ní kí ẹ pa àṣírí mọ́, àti èyí tó ní ẹ ò gbọdọ̀ bá olùdókòwò mìíràn sọ̀rọ̀ fún iye ọjọ́ kan. Bí èyí kejì bá wà nínú tiyín tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì pé, ẹ lè kọ owó rẹ̀ lónìí, ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ bá ẹlòmíì títí yóò fi tú yín sílẹ̀ nínú ìwé tàbí títí ọjọ́ yóò fi pé. Iṣẹ́ lọ́yà nìyẹn, ẹ jẹ́ kó ka ẹsẹ̀ náà fún yín.

Ìkejì ni owó. Àwọn olówó wa fẹ́ràn láti fi nǹkan díẹ̀ ránṣẹ́ "kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ ná". Alàgbà ti fi mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ sí àkáǹtì kí ẹnikẹ́ni tó buwọ́ lu nǹkan kan. Ọlọ́run yọ Màmá Ìbejì, kò tíì ná an. Ẹni tó bá ná irú owó bẹ́ẹ̀ ti fi ìwà gbà kí ó tó fi ẹnu gbà, lọ́yà ẹnìkejì yóò sì mú un lò ní ilé ẹjọ́. Bí ẹ bá ti ná an, ẹ wá a dí kí ẹ tó lọ kọ ọ́. Kíkọ̀ pẹ̀lú gbèsè lọ́rùn, ẹ̀bẹ̀ lásán ló ń dà.

Ìkẹta ni CAC. Bí orúkọ rẹ̀ bá ti wọ inú ìwé ilé-iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dárẹ́kítọ̀ tàbí onípìn-ín, ìtọ́sọ́nà tí ẹ ń kà yìí kò tó yín mọ́. Olùdókòwò lásán ni a ń kọ owó rẹ̀. Ẹni tó ti wọlé, a ó bá a pín ilé ni, ó sì ní ìlànà tirẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ lè kọ ọ́ sórí ìwé kan pé: a buwọ́ lu èyí, a kò buwọ́ lu ìyẹn, iye owó rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wa nìyí, ó sì pé.

Ìpele kẹrin: Ẹ sọ fún àwọn tó yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́

Bí ilé-iṣẹ́ bá ní dárẹ́kítọ̀ mìíràn, ẹ ṣèpàdé, kí ẹ kọ ìpinnu náà sílẹ̀, kí gbogbo yín buwọ́ lù ú. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé lẹ́yìn oṣù méjì, àbúrò tàbí ọkọ yóò lọ bá olówó náà lẹ́yìn pé "Òun nìkan ló kọ̀ ọ́, èmi fẹ́."

Lẹ́yìn náà, ó kan alárinà, ẹni tó mú yín mọ olówó. Òun kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ níta. Bàbá Màmá Ìbejì ló so ọmọ rẹ̀ àti Alàgbà pọ̀, nítorí náà ọ̀dọ̀ bàbá la kọ́kọ́ lọ. A ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún wọn, wọ́n sì lóye rẹ̀ kíákíá, wọn ò tiẹ̀ béèrè nípa ṣíà rárá. Wọ́n ní, "Ṣé kí n bá yín sọ fún un ni?" A ní rárá sà, ẹ kàn bá wa dé ibẹ̀.

*Ìkìlọ̀:* Alárinà kì í bá ni jíṣẹ́ kíkọ̀. Yóò fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ṣe, yóò sọ pé "Wọ́n ní kí ẹ ní sùúrù díẹ̀", ẹ ó sì padà sí ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Ẹni tó so yín pọ̀ ti gbọ́ "rárá" lẹ́nu yín, kò sì sí ẹnì kan nínú ilé-iṣẹ́ tó lè sọ pé òun kò mọ̀.

Ìpele karùn-ún: Ẹ lọ sọ ọ́ lójú rẹ̀

Ojú lọ̀rọ̀ wà. Àgbàlagbà tó fẹ́ kó mílíọ̀nù 20 lé yín lọ́wọ́ kò yẹ kó rí "rárá" lórí Wasáàpù láàárín àwọn àwòrán ẹ kú òwúrọ̀. Bó bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Amẹ́ríkà, ẹ pè é ní fídíò, kí ẹ ti bi í ní àsìkò tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ẹ má fi í sí ọjọ́ ìnáwó, ẹ má sì sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó máa ń dun àwọn olówó jù ni pé ẹlòmíì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n kọ owó wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ ju ohun mẹ́rin lọ: ìdúpẹ́, ìpinnu, ìdí kan ṣoṣo, àti bí owó rẹ̀ yóò ṣe padà. Bó ṣe lọ nìyí ní pálọ̀ Alàgbà:

"Ẹ kú iṣẹ́ sà. A wá dúpẹ́ ni, a sì wá fún yín lésì. Nínú gbogbo àwọn tó mọ̀ mí, ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ ka iṣẹ́ ọwọ́ mi sí ohun tó tó fi owó sí, n kò ní gbàgbé ẹ̀. Àmọ́ a ò ní lè gba owó náà, sà."

Ó dákẹ́. Màmá Ìbejì náà dákẹ́, bí a ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò lè fara dà, wọn á wá bẹ̀rẹ̀ sí í tò ìdí mẹ́fà kalẹ̀: ọjà kò yá, ọkọ mi kò fẹ́, dọ́là ti gòkè. Ìdí kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá tò, ojútùú kan ni yóò ní sí i. Ẹ máa mú ìdí kan lò, kó sì jẹ́ òótọ́.

"Kí ló dé?"

"Iṣẹ́ wa, ìdájí la fi ń sanwó ọjà. Bó bá di pé ìbuwọ́lù méjì ni owó ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń gbà, iṣẹ́ máa dúró. Mo ti ní ká yọ ọ́, ẹ sì ti sọ ìdí tí kò fi ní ṣeé ṣe fún yín. Mi ò bá yín jiyàn, owó yín ni."

"Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?"

Ìbéèrè yìí máa ń wá. Ẹ má fi ìbínú dáhùn, ẹ má sì gba ẹ̀bi tí kì í ṣe tiyín. Ohun tó fi dáhùn nìyí: "Ẹ̀yin lẹ gbé mi lọ síbi ìsàmì mi, sà. Bí mi ò bá fọkàn tán yín, èmi náà kọ́ ni máa wá sọ ọ́ lójú yín. Ètò ìwé yẹn ni kò bá iṣẹ́ wa mu."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òun yóò gbé ìbuwọ́lù lọ sí 400,000. Níbí ni mo ti ń bẹ̀rù, nítorí 400,000 gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ kọjá dáadáa. Àmọ́ àwọn dárẹ́kítọ̀ méjì ṣì wà níbẹ̀, àti gbèsè ọjọ́ 14. Màmá Ìbejì dáhùn pé, "Ẹ ṣeun sà. Ìpinnu wa ti parí. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ tí ẹ fi ránṣẹ́ máa padà sí àkáǹtì yín lónìí." Bàbá rẹ̀ wá fi àdúrà parí ọ̀rọ̀, a dìde.

Bó bá ṣẹlẹ̀ sí yín pé ẹni náà gbé àbá tuntun tó dára gan-an kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má gbà á níbẹ̀. Ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé. Àbá tuntun ni. A ó kà á láti ìpele kìíní. Ti àtijọ́ ti kú.

*Ìkìlọ̀:* Gbólóhùn mẹ́ta ló ń ba ìpele yìí jẹ́: "fún ìgbà yìí ná", "a ṣì máa kàn sí yín", àti "a ti rí ẹlòmíì". Méjì àkọ́kọ́ kò ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀kẹta, bí kì í bá í ṣe òótọ́, yóò wádìí rẹ̀, yóò sì mọ̀ kó tó di ọjọ́ Àìkú.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ jáde níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ dá ọjọ́ ìpàdé mìíràn lórí owó náà. Bí ẹ bá ti dá ọjọ́, ẹ kò tíì kọ̀ ọ́.

Ìpele kẹfà: Ẹ fi ìwé tẹ̀ lé e, kí ẹ sì dá owó padà, kí ilẹ̀ tó mọ́

Ọ̀rọ̀ ẹnu tọ́jú iyì. Ìwé ló ń dáàbò bo ilé-iṣẹ́. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà, lórí ìwé tó ní orúkọ ilé-iṣẹ́. Kò gbọdọ̀ kọjá ojú ewé kan. Èyí ni tiwa, ẹ lè yí i sí tiyín:

"Sí Alàgbà. Ẹ kú àánú wa, sà. Gẹ́gẹ́ bí a ti sọ fún yín lójúkojú lónìí, ilé-iṣẹ́ wa kò gba àbá ìdókòwò mílíọ̀nù 20 náírà tí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa. Àwọn dárẹ́kítọ̀ ti fẹnu kò lórí ìpinnu yìí. Kò sí àdéhùn kankan láàárín wa lórí àbá náà, kò sì sí ṣíà kankan tí a fún yín tàbí tí a ṣèlérí rẹ̀. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ náírà tí ẹ fi sí àkáǹtì wa ti padà sí àkáǹtì tó ti wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa àwọn ìwé ìṣirò wa tó wà lọ́wọ́ yín rẹ́, kí ẹ sì fi ìlà kan dá wa lóhùn pé ìwé yìí tẹ̀ yín lọ́wọ́. A dúpẹ́ gidigidi."

Ẹ kíyè sí i pé ìdí kò sí nínú rẹ̀. Ẹ ti sọ ìdí lẹ́nu. Ìdí tó bá wọ inú ìwé lè di ohun tí wọ́n máa fi bá yín fà á.

Ní ti owó, gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ dá padà, sí àkáǹtì tí ó ti wá gan-an. Ẹ má kó o fún un lọ́wọ́, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó ní kí ẹ ṣe bẹ́ẹ̀. Níbi tí báńkì ti ń béèrè ohun tí owó wà fún, ẹ kọ ọ́ pé ìdápadà owó ìdókòwò tí a kò gbà. Bó bá ní kí ẹ máa lo owó náà bí ẹ̀bùn, ẹ dúpẹ́, kí ẹ ṣì dá a padà. Ẹ̀bùn tó bẹ̀rẹ̀ bí ìdókòwò, ìdókòwò ni wọ́n máa ń rántí rẹ̀ sí.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ ní ẹ̀dà ìwé náà tó buwọ́ lù, tàbí ímeèlì tó fi dáhùn, àti ẹ̀rí báńkì pé owó ti wọlé. Bí ọjọ́ méje bá kọjá tí kò dáhùn, ẹ gbé ẹ̀dà kan fún ẹni tó ń kó ìwé kiri, kí ó gba ìbuwọ́lù ẹni tó gbà á.

Ìpele keje: Ẹ ti àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké

Ẹ mú àkọsílẹ̀ tí ẹ ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa fagi lé wọn níkọ̀ọ̀kan. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ẹgbẹ́ Wasáàpù àwọn òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ fún un. Ẹ gba àyè rẹ̀ kúrò lórí fódà Google Drive. Ẹ lọ sí báńkì láti rí i pé fóọ̀mù ìbuwọ́lù tí ẹ gbà fún un kò sí níbẹ̀; ti Màmá Ìbejì wà nínú fáìlì òṣìṣẹ́ báńkì, wọ́n ti kún un tán, ọjọ́ ìbuwọ́lù nìkan ló kù. Ẹ sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ yín pẹ̀lú, ní gbólóhùn kan péré, pé Alàgbà kì í ṣe ọ̀gá níbí. Ọmọkùnrin tó ń wakọ̀ ìpékeré ti ń jábọ̀ fún un láàárọ̀ láàárọ̀, kò sì sẹ́ni tó rán an.

Àlàfo owó náà ńkọ́? Ẹ pín iṣẹ́ tí owó náà fẹ́ ṣe sí wẹ́wẹ́. Mílíọ̀nù 20 wà fún ẹ̀rọ ìdín mẹ́ta, ọkọ̀ kan àti ilé tuntun. Ìgbà tí a wò ó dáadáa, ẹ̀rọ kan ló ń dá iṣẹ́ dúró. Ilé ìtajà méjì tó ń rajà lọ́wọ́ Màmá Ìbejì gbà láti san owó oṣù kan sílẹ̀ kí òun náà lè dín iye kan kù fún wọn, ó sì fi èyí àti èrè oṣù mẹ́rin ra ẹ̀rọ náà. Ọkọ̀ ṣì ń dúró dè é.

*Àyẹ̀wò ìkẹyìn:* Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ tún gba ìwé ipò ilé-iṣẹ́ yín lọ́dọ̀ CAC. Ẹ ka orúkọ àwọn dárẹ́kítọ̀ àti ti onípìn-ín níkọ̀ọ̀kan. Ẹ wo orí ìwé àwọn tó ní àṣẹ tó lágbára lórí ilé-iṣẹ́ náà, nítorí láti ìdá 5 nínú 100 ni òfin ti ní kí a kọ orúkọ ẹni sí i, aṣojú tó ń kún fóọ̀mù sì lè ti sáré fi í sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí gbogbo yín ṣì ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Bí orúkọ rẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ mú ìwé ìpele kẹfà dání, kí ẹ sì pe lọ́yà yín lọ́jọ́ náà.